Dáńlóòdù, páásìwọ́ọ̀dù, kíláòdù: ká yá a ni, àbí ká ṣẹ̀dá tiwa?

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ ìtọ́ni nípa fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kò ní tíì kọ ìlà mẹ́ta tí yóò fi bá ìbéèrè yìí pàdé. Ṣé "dáńlóòdù" ni kí n kọ, àbí kí n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un? Àwọn kan gbà pé ẹni tó ń yá ọ̀rọ̀ ń sọ èdè rẹ̀ di aláìní. Àwọn mìíràn ní ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kàn ń da olùkà láàmú ni. Èmi ò gbè sẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà máa ṣe níbi tí a fẹ́ gbé e sí ni mo fi ń yàn án. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo mú síbí, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọni lẹ́nu kò jọra: ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀kan rọ̀ mọ́ owó àti àṣírí, ọ̀kan sì jẹ́ àfiwé tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún ara rẹ̀.

Ohun tí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti kọ́ wa

Nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lọ́dún 1959, ohun tuntun dé, orúkọ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Títí dòní, "ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán" àti "tẹlifíṣọ̀n" jọ wà láyé ni. Oníròyìn ń pe ti àkọ́kọ́, ọmọ ilé tó ń wá rìmóòtù ń pe ìkejì. Kò sí ìjà láàárín wọn, ibi tí kálukú ti ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀.

Rédíò ní tirẹ̀ gba orúkọ tó dùn gan-an: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì. Lónìí ńkọ́, tí àwọn olùgbọ́ ń pe orí afẹ́fẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ń bá atọ́kùn ètò jiyàn? Ibi tí orúkọ aláàpèjúwe ti máa ń yẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìwà tí ẹ̀rọ ń hù lónìí la fi sọ ọ́ lórúkọ, ẹ̀rọ náà lè pa ìwà dà lọ́la. Ohun kan náà ló ń ṣe "ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá" tí wọ́n fi ń pe kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó, tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó tàn, kò ní lè pe orúkọ yẹn láìrẹ́rìn-ín. Yàtọ̀ síyẹn, yíyára kì í ṣe ohun tó ya kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ tó kù.

"Ayélujára" ni ìṣẹ̀dá tó borí. Ẹ wo ìdí rẹ̀: kò sọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú, ohun tó ṣe fún ayé ló sọ, pé ibi gbogbo ti lu já síra wọn. Ó kúrú tó láti sọ lẹ́nu, ó sì gba "lórí" láìṣe wàhálà: lórí ayélujára. Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ń sọ ọ́. Mo máa ń fi ojú rẹ̀ wo gbogbo ìṣẹ̀dá tó kù.

Dáńlóòdù

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbàyè jù, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ọ̀rọ̀-orúkọ lè dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ gba àbọ̀, kó gba "ń" àti "ti", kó ṣeé sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ibẹ̀ ni ìṣẹ̀dá púpọ̀ ti ń kọsẹ̀.

Wikipedia Yorùbá ní "Rùsókè fáìlì" fún fífi fáìlì ránṣẹ́ sórí ayélujára. Àwọn kan wá ṣe "rù sílẹ̀" fún ìdàkejì rẹ̀. Ó dọ́gba lójú ìwé, àmọ́ etí kọ̀ ọ́. Ẹrù là ń rù, orí la sì ń gbé e sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e kúrò lórí ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni, kì í rù ú sílẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ń wo Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe ń kọ ọ́.

"Gbà sílẹ̀" rọ̀ létí jù ú lọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó fi fóònù gba ohùn sílẹ̀ ti ká ohùn náà ni. Tí wọ́n bá sì gba ẹnì kan sílẹ̀, wọ́n yọ ọ́ nínú ìdè ni. Ẹ wo gbólóhùn yìí nínú ìtọ́ni fún ìpàdé orí Súùmù: "Ẹ lè gba fídíò ìpàdé náà sílẹ̀." Ṣé kí ọmọ ẹgbẹ́ fi fóònù tirẹ̀ ká ìpàdé bó ṣe ń lọ ni, àbí kó lọ mú èyí tí akọ̀wé ti ká kalẹ̀? Bọ́tìnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà fún wọn lójú fóònù, `Record` àti `Download`. Ẹni tó bá tẹ èyí tí kò yẹ á máa ká ọ̀rọ̀ àwọn tí kò fọwọ́ sí i pé kó ká àwọn.

Ọ̀nà àbáyọ kò jìnnà. Ẹ fi ibi tí fáìlì ń lọ rọ́pò "sílẹ̀": gbà á sórí fóònù, gbà á sórí kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tó máa rò pé kíká ohùn la ń sọ, olùkà sì mọ ibi tó ti máa wá fáìlì náà tó bá yá.

Àmọ́ ìhámọ́ kan tún wà tí àwọn tó ń túmọ̀ áàpù mọ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá tó là sí méjì máa ń gbé àbọ̀ rẹ̀ sáàárín: gba *fáìlì* sílẹ̀. Ẹni tó kọ áàpù kò mọ èyí. Ohun tó máa fi ránṣẹ́ sí olùtumọ̀ ni:

```
Downloading %s
```

Orúkọ fáìlì ló máa bọ́ síbi tí `%s` wà. Olùtumọ̀ lè kọ "Ń gba %s sílẹ̀", kó sì rò pé ó parí. Nígbà tó bá dé ojú fóònù tóóró, tí fáìlì náà ń jẹ́ `ijabo_ipade_odun_2024.pdf`, ohun tí olùkà máa rí ni "Ń gba ijabo_ipade_odu…". "Sílẹ̀" ti ré kọjá etí ojú fóònù, ìtumọ̀ sì bá a lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ńṣe ni ẹni tó kọ áàpù lẹ orúkọ fáìlì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí `%s` kankan tí olùtumọ̀ lè gbé síwá sẹ́yìn. Ní irú ibẹ̀, "sílẹ̀" kò ríbi wọ̀ rárá.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo fi arọ́pò-orúkọ dí àárín, kí orúkọ fáìlì wá sẹ́yìn:

```
À ń gbà á sórí fóònù: %s
```

Bí wọ́n bá tiẹ̀ gé orúkọ fáìlì, gbólóhùn ti pé. Bó sì jẹ́ lílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, ó ṣì bá a mu.

"Dáńlóòdù" kò ní ìṣòro yìí. Kò là, iwájú àbọ̀ ló ń dúró sí: "Ń dáńlóòdù %s". Tó bá gba arọ́pò-orúkọ, ó ń ṣe bíi "gbàgbé": a máa ń sọ pé "mo gbàgbé rẹ̀", bẹ́ẹ̀ náà ni "mo dáńlóòdù rẹ̀", tí ẹnu wa máa ń sọ di "mo dáńlóòdù ẹ̀". Ó ń gba àpètúnpè, dídáńlóòdù, bí gbígbà àti títẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ gírámà wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó ṣe òfin fún un, ẹ̀rí sì nìyẹn pé ó ti di tiwa lẹ́nu. Nítorí náà, bí ojú fóònù olùkà bá ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì, dáńlóòdù ni kí ẹ kọ. Bí gbogbo áàpù náà bá ti di Yorùbá, "gbà á sórí fóònù" ló dáa jù.

Ẹni tó bá máa yá ọ̀rọ̀, kó kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń pè é. Yorùbá kò fẹ́ kọ́ńsónáǹtì méjì papọ̀, kò sì fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí fáwẹ́lì fi ń yọ jáde nínú bírékì àti búrẹ́dì. Àmì òkè sábà máa ń bọ́ sí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti tẹnu mọ́ ọn, ìparí ọ̀rọ̀ sì máa ń wálẹ̀: fáìlì, fóònù, dáńlóòdù. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni kí ìwé kan ṣoṣo ní kọ̀ǹpútà, kọ̀m̀pútà àti kọ̀mpútà, nítorí pé ẹni tó bá wá ọ̀kan nínú fáìlì náà kò ní rí méjì tó kù. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má yẹsẹ̀ lórí rẹ̀.

Páásìwọ́ọ̀dù

Ọ̀rọ̀-orúkọ lèyí, gírámà kò dí i lọ́wọ́. Ohun tó ṣòro níbí ni àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn ìṣẹ̀dá. "Ọ̀rọ̀ aṣínà" gbajúmọ̀, ó sì nítumọ̀: ọ̀rọ̀ tó ń ṣí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Tí àmì bá ti kúrò, kò sí ohun tó ya aṣínà sọ́tọ̀ kúrò lára aṣìnà, ìyẹn ẹni tó ti sọnù lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó gbára lé àmì kan ṣoṣo láti má ṣe di òdìkejì ara rẹ̀ kò yẹ ní ibi tí àwọn ènìyàn kì í ti í kọ àmì. "Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé" ṣe kedere, ó kàn gùn fún àpótí kékeré lójú fóònù.

"Ọ̀rọ̀ ìpamọ́", tí Wikipedia Yorùbá ń lò, ni mo fara mọ́ jù. Ó kúrú, kò gbára lé àmì púpọ̀, ó sì ń sọ fún onílé ohun tó yẹ kó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹ̀gún kan wà níbẹ̀ o: "fi pamọ́" náà là ń kọ sórí bọ́tìnì `Save`. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra á kọ "Fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ pamọ́", olùkà á sì máa wò ó bí ẹni tó ń wo àlọ́. Ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ ìpamọ́, kó lo "tọ́jú" fún `Save` jákèjádò áàpù náà, kì í ṣe ibì kan ṣoṣo. Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yan àwọn ọ̀rọ̀ papọ̀ nìyẹn, torí pé bí a bá yí ọ̀kan, a ti ti èkejì.

Ó wá ku àwọn aládùúgbò: píìnì àti ó-tí-pí. Páásìwọ́ọ̀dù ni èyí tí a ń fi ṣí áàpù tàbí íméèlì, lẹ́tà àti nọ́ńbà lè wà nínú rẹ̀, ó sì ń wà bẹ́ẹ̀ títí a ó fi yí i padà. Píìnì ni nọ́ńbà mẹ́rin tí a ń tẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tó ń pọ owó. Ó-tí-pí ni nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, tó sì ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Mo ti rí ìkìlọ̀ tó pe gbogbo wọn ní "nọ́ńbà àṣírí". Ó dùn ún kà, àmọ́ ẹ wo ohun tó lè fà. Màmá kan ka "Ẹ má ṣe sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún ẹnikẹ́ni," ó sì mọ̀ pé ti káàdì òun ni wọ́n ń sọ. Gbájúẹ̀ wá pè é: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Nọ́ńbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín, ẹ bá mi kà á." Nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í ṣe àṣírí lójú màmá, kò sí lórí káàdì, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì rí i rí. Ó kà á, owó sì lọ.

Níbi tí owó bá wà, ẹ yá ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà lẹ́nu òṣìṣẹ́ báńkì, kí ẹ sì fi àpèjúwe tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan: "ó-tí-pí, ìyẹn nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Ẹ má ṣe fi orúkọ kan ṣoṣo bo ohun méjì tí olè ń lò lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kíláòdù

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò pe nǹkan yìí ní orúkọ tó jẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń ya àwòrán ìkùukùu sí apá ibi tí wọn ò fẹ́ ṣàlàyé nínú àwòrán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, àwòrán yẹn ló wá di orúkọ. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ìkùukùu" tàbí "àwọsánmà" ti túmọ̀ àwòrán, kò túmọ̀ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó sì ń ṣì wá lọ́nà. Ìkùukùu lẹ́nu Yorùbá ni ohun tó ń pòórá tí oòrùn bá yọ. Ta ló máa kó fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ síbẹ̀? "Àwọsánmà" burú ní ọ̀nà mìíràn: ó ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé ojú ọ̀run ni nǹkan rẹ̀ wà, tàbí pé sátẹ́láìtì ló ń gbé e. Orí ilẹ̀ ló wà, nínú ilé ńlá tó kún fún kọ̀ǹpútà, tí iná àti ẹ̀rọ amúlétutù kò gbọ́dọ̀ kú nínú rẹ̀. Okùn abẹ́ òkun ló sì ń so ọ̀pọ̀ wọn mọ́ wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ nínú òkun lápá Àbíjáànì, áàpù àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà sì dẹ́kun iṣẹ́. Ẹni tó ti ń ka "àwọsánmà" nínú ìwé kò ní mọ ohun tí òkun wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo dá lábàá ni "àká orí ayélujára" fún ìpamọ́ fáìlì. Àká là ń kó irè oko sí, ohun tí a bá sì kó síbẹ̀, a fẹ́ bá a níbẹ̀ ni. Ó bá "kó sí" àti "kó jáde" rìn dáadáa: kó fọ́tò yín sí àká orí ayélujára. Ṣùgbọ́n kò lè dé ibi gbogbo. Iléeṣẹ́ tó ń yá kọ̀ǹpútà ẹlòmíì lò láti ọ̀nà jíjìn kò kó nǹkan sí àká, iṣẹ́ ló ń fi í ṣe. Fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, "kíláòdù" ni kí ẹ kọ, nítorí pé àwọn tó máa kà á ti ń pè é bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé máa ń gbàgbé láti béèrè ni bóyá ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, "lórí ayélujára" ti tó.

Ìtọ́ni kan, ọ̀nà mẹ́ta

Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa mú ìwé ìṣirò owó wọn láti inú áàpù. Gẹ̀ẹ́sì ni áàpù náà ń sọ, àwọn àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́. Èyí ni kó gbé jáde bó bá ṣẹ̀dá gbogbo ọ̀rọ̀:

"Ẹ ṣí irinṣẹ́ orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín wọlé, kí ẹ sì gba àkọsílẹ̀ yín sílẹ̀ láti inú ìkùukùu."

Èyí sì ni tó bá yá gbogbo rẹ̀:

"Ẹ ópùn áàpù yín, ẹ tẹ páásìwọ́ọ̀dù yín, kí ẹ dáńlóòdù sítéétìmẹ́ǹtì yín láti orí kíláòdù."

Ìwé ìkéde ìjọba ni ti àkọ́kọ́. Olùkà á gbóríyìn fún un, kò kàn ní mọ ohun tó máa tẹ̀. Ìkejì á yé ọ̀dọ́, àmọ́ kí ni "ópùn" ń wá níbẹ̀ nígbà tí "ṣí" wà? Kíláòdù sì rèé, ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ kò nílò láti mọ̀ rárá. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Ẹ ṣí áàpù ẹgbẹ́. Ẹ tẹ páásìwọ́ọ̀dù yín, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí ẹ yàn lọ́jọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀. Bí ó-tí-pí bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí tó ṣí. Ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé kò ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín láé. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Download` sí, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìṣirò oṣù yín á wọ orí fóònù yín."

Ọ̀rọ̀ tí olùkà máa rí lójú fóònù wà níbẹ̀ bó ṣe máa rí i, lẹ́tà dé lẹ́tà. Kí akọ̀wé fún ọmọ ẹgbẹ́ kan ní ìwé yìí, kó sì dákẹ́, kó máa wo ìka rẹ̀. Ibi tí ìka bá ti dúró ni ọ̀rọ̀ ti kùnà.

Bí ìwé náà bá máa dé Kétu

Gbogbo ohun tí mo sọ nípa yíyá ọ̀rọ̀ ń yí padà tí a bá ré kọjá bodè. Yorùbá Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ ń kàwé ní Faransé, Faransé náà ni wọ́n sì ń yá. Ohun tó wà lójú fóònù wọn ni `Télécharger` àti `Mot de passe`. Bí a bá kọ páásìwọ́ọ̀dù fún wọn, ọ̀rọ̀ àjèjì méjì la dì lé wọn lórí dípò ọ̀kan. Níbẹ̀, ìṣẹ̀dá ni ìpàdé wa. Ọ̀rọ̀, pamọ́, gbà, àká, gbogbo wa la jọ ni wọ́n, èyí tí a kò lè sọ nípa ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ òyìnbó méjì tó yàtọ̀.

Nítorí náà, bí akọ̀wé Ìbàdàn yẹn bá ní ọmọ ẹgbẹ́ ní Kétu, kó yọ páásìwọ́ọ̀dù kúrò, kó fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ nìkan sílẹ̀, kó fi "nọ́ńbà tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo" rọ́pò ó-tí-pí, kó sì yí `Download` sí `Télécharger` bí áàpù náà bá ń sọ Faransé lójú fóònù wọn. Ìyókù ìtọ́ni náà kò nílò àtúnṣe púpọ̀.